Kí Tépù Bá Télọ̀ Sọ̀rọ̀: Lẹ́tà Tí A Ń Kọ Nígbà Tí Aṣọ Kò Bá Ìwọ̀n Mu

Ẹni tó gba aṣọ lọ́wọ́ yín ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀ lè má jẹ́ ẹni tó máa gé e, ẹni tó gé e sì lè má jẹ́ ẹni tó máa jókòó ti maṣíìnì rán an. Ní ṣọ́ọ̀bù tí oníbàárà bá ti pọ̀, ọ̀gá ló sábà máa ń wọn èèyàn, òun náà ló ń kọ ìwọ̀n sínú ìwé. Ọmọṣẹ́ tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ló ń gé. Àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ló ń rán ojú aṣọ, tí wọ́n ń ṣẹ́tí rẹ̀, tí wọ́n ń de bọ́tìnnì, tí wọ́n sì ń lọ̀ ọ́ kí oníbàárà tó dé. Aṣọ kan ṣoṣo lè gba ọwọ́ ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin kọjá, ohun tó sì so gbogbo wọn pọ̀ kò ju àwọn nọ́ḿbà tó wà nínú ìwé ọ̀gá lọ.

Ẹ wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí aṣọ náà kò bá ìwọ̀n mu. Oníbàárà á gbé e padà wá, á sọ fún ọ̀gá pé ó fún òun láyà, pé èjìká rẹ̀ ń wọ́, pé kò balẹ̀ tó. Ọ̀gá á ní, "Ẹ má bínú, ẹ gbé e sílẹ̀, a máa bá yín ṣe é." Aṣọ á wọ inú òkìtì aṣọ tó wà nílẹ̀. Bó bá jẹ́ àsìkò Iléyá tàbí Kérésìmesì, òkìtì náà lè ga dé ìbàdí èèyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ló máa fa aṣọ náà yọ. Wọ́n á sọ fún un pé, "Tú èyí síta díẹ̀." Díẹ̀ tí wọ́n wí yìí, mélòó ni? Ibo gan-an ni kó tú? Á fojú bù ú, aṣọ tí ó nílò àtúnṣe kan á sì wá nílò méjì.

Nítorí èyí ni mo ṣe gbà pé lẹ́tà kékeré tí a fi píìnì há mọ́ aṣọ náà wúlò ju àròyé ẹnu lọ. Kì í ṣe lẹ́tà ìbínú, kì í sì í ṣe ìwé ẹjọ́. Ẹni tó máa lo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jù ni ọmọ tó mú bíléèdì lọ́wọ́, tó fẹ́ tú ojú ìrán. Bí lẹ́tà náà kò bá sọ fún ọmọ yẹn ibi tó máa tú àti iye íǹṣì tó máa fi sí i, bó ti wù kí ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ dùn tó, aṣọ náà kò ní bọ́ sípò.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó wá bírò, ẹ kọ́kọ́ wá tépù. Tépù télọ̀ máa ń ní íǹṣì 60 ní ojú kan, ó sì máa ń ní sẹ̀ǹtímítà 150 ní ojú kejì. Èyí tó jẹ́ oníke tí kò le máa ń nà bó bá ti gbó, nítorí náà ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ rúlà onígi tó ní íǹṣì 12. Bí 12 tépù bá ti kọjá 12 rúlà, ẹ má fi í wọn ohunkóhun tí ẹ fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ẹ má tíì fọ aṣọ náà, ẹ má sì wọ̀ ọ́ jáde. Òwú máa ń sún kì bí omi bá kàn án nígbà àkọ́kọ́, pàápàá tí télọ̀ kò bá fi omi kàn án kó tó gé e. Bí ẹ bá ti fọ̀ ọ́, kò sí ẹni tó lè mọ̀ mọ́ bóyá ọwọ́ télọ̀ ni àṣìṣe náà ti wá tàbí inú báfù. Aṣọ tí òógùn tàbí lọ́fínńdà bá sì ti mu, ó yẹ kí télọ̀ kọ̀ ọ́.

Bí a ṣe ń wọn aṣọ tó ti di rírán yàtọ̀ sí bí a ṣe ń wọn ara. Ẹ fa síìpù rẹ̀ sókè tàbí kí ẹ de bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sórí tábìlì tó tẹ́jú, ẹ fi ọwọ́ pa á lẹ̀ kó má ṣẹ́po, ṣùgbọ́n ẹ má fà á. Fún àyà, ẹ wọ̀n ọ́n láti ojú ìrán abẹ́ abíyá ọ̀tún dé ti òsì, kí ẹ wá sọ ohun tí ẹ bá rí di ìlọ́po méjì, nítorí ojú kan péré ni ẹ wọ̀n. Bí tépù bá sọ pé 21, àyà aṣọ náà jẹ́ 42. Fún èjìká, ẹ yí ẹ̀yìn aṣọ sókè, ẹ wọ̀n ọ́n láti ibi tí apá ọ̀tún ti pàdé èjìká lọ sí ibi tí apá òsì ti pàdé rẹ̀. Fún gígùn, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ga jù lórí èjìká, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn gan-an, kí ẹ sì sọ̀kalẹ̀ títí dé etí ìsàlẹ̀. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí èkejì bá yàtọ̀ sí àkọ́kọ́, ẹ tún un wọ̀n.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í rò, òun ló sì ń fa ìjà jù lọ. Ìwọ̀n ara àti ìwọ̀n aṣọ kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí tépù bá sọ pé àyà obìnrin kan jẹ́ 42, tí wọ́n sì rán gáùn àǹkárá tí àyà rẹ̀ jẹ́ 42 géérégé fún un, kò ní lè mí dáadáa, kò sì ní lè na ọwọ́ gbé àwo oúnjẹ lórí tábìlì. Àǹkárá kì í fà. Èèyàn nílò ààyè láàárín ara àti aṣọ, télọ̀ tó mọ iṣẹ́ sì sábà máa ń fi íǹṣì 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí àyà gáùn tó bá ara mu. Nítorí náà, bí ìwé ọ̀gá bá ní "Àyà 42" tí kò sọ nǹkan mìíràn, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín: ṣé ara ni 42 yìí, àbí aṣọ lẹ́yìn tí wọ́n bá rán an tán? Ohun tí ẹ jọ sọ lẹ́nu lọ́jọ́ ìwọ̀n ni lẹ́tà yín máa dúró lé.

Ẹ tún wọn ara yín lẹ́ẹ̀kan sí i. Oṣù mẹ́ta tó láti yí ìbàdí èèyàn padà. Bí aṣọ bá jẹ́ iye tí ẹ jọ kọ sílẹ̀ gan-an, tí kò sì wọ ara yín, télọ̀ kò ṣẹ̀ yín. Ẹ ṣì lè kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n lẹ́tà iṣẹ́ tuntun nìyẹn, ẹ ó sì béèrè iye tó máa gbà. Àwọn tó ń da méjèèjì pọ̀ ló ń sọ télọ̀ dáadáa di ẹni tí kì í fẹ́ rí oníbàárà lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dé òpin. Obìnrin kan fún télọ̀ ní yáàdì márùn-ún àǹkárá aṣọ ẹbí pé kó fi rán gáùn gígùn fún òun. Ọ̀gá wọ̀n ọ́n, àyà rẹ̀ jẹ́ 42, ọ̀gá sì sọ pé òun máa fi 2 sí i, kó lè jẹ́ 44 lẹ́yìn rírán. Èjìká 16. Gígùn apá 18. Gígùn gáùn 56, kó lè kan ọrùn ẹsẹ̀. Obìnrin náà fi fóònù ya fọ́tò ojú ìwé náà kó tó kúrò níbẹ̀, ó sì ṣe dáadáa.

Nígbà tí gáùn dé, ó fún un láyà, èjìká rẹ̀ sì wọ́ sílẹ̀ débi pé apá aṣọ ń bo ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà ń yọ síta nísàlẹ̀. Ó tẹ́ aṣọ náà sórí tábìlì, ó wọ̀n ọ́n. Àyà 42, èjìká 18, gígùn 54. Ó wọn apá láti ibi tó ti pàdé èjìká lọ dé etí ọwọ́. 18 ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ gan-an.

Ẹni tó bá mọ tépù kà máa rí ìtàn kan nínú àwọn nọ́ḿbà yìí. Bó bá jẹ́ pé aṣọ ló sún kì, gbogbo ibi ló máa dín kù, èjìká kò sì ní fẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé obìnrin náà ló sanra, ara rẹ̀ ló máa yí padà, kì í ṣe ìwọ̀n aṣọ. Ibi gígé ni àṣìṣe náà wà. Ẹni tó gé àyà gé e sí 42 tó rí nínú ìwé, kò sì fi íǹṣì 2 tí ọ̀gá sọ lẹ́nu kún un. Ó gé gígùn sí 56 láì rántí pé ìṣẹ́tí máa jẹ íǹṣì 2 nínú rẹ̀. Ní ti èjìká, ojú rẹ̀ bọ́ sí ìlà kejì nínú ìwé: 18 tí wọ́n kọ fún gígùn apá ló gé fún èjìká.

Ó yẹ kí oníbàárà mọ èyí, nítorí pé ó máa jẹ́ kó mọ ohun tó máa béèrè. Ohun tó rí lójú ni pé apá aṣọ gùn jù. Bó bá kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n gé apá náà kù, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ á gé e. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá mú èjìká wọlé, apá á gòkè, á wá kúrú jù, aṣọ tí wọ́n sì ti gé sọnù kì í padà. Apá náà kò ní àbùkù kankan. Èjìká ló tì í sọ̀kalẹ̀ ní íǹṣì kọ̀ọ̀kan lọ́tùn-ún àti lósì. Nítorí náà, ibi tí ìwọ̀n ti yẹ̀ ni kí ẹ kọ sínú lẹ́tà, kì í ṣe gbogbo ibi tí ojú yín ti rí wàhálà.

Lẹ́yìn èyí ó yí inú gáùn síta. Iṣẹ́jú méjì ni iṣẹ́ yìí ń gbà, síbẹ̀ òun ló ń sọ bóyá ẹ̀bẹ̀ yín ṣeé gbọ́ tàbí kò ṣeé gbọ́. Ó wo aṣọ tí wọ́n fi sílẹ̀ lẹ́yìn ojú ìrán ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Íǹṣì kan wà níwájú, íǹṣì kan wà lẹ́yìn, bákan náà ni lọ́tùn-ún àti lósì. Ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀ tí wọ́n ká sínú jẹ́ íǹṣì 2. Ó wá jókòó, ó kọ lẹ́tà yìí.

Ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làálàá àsìkò yìí. Mo gba gáùn àǹkárá tí ẹ bá mi rán, mo sì dúpẹ́ pé ẹ kò yẹ ọjọ́ àdéhùn. Ọrùn rẹ̀ jókòó dáadáa, síìpù ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì wú rárá.

Nígbà tí mo wọ̀ ọ́ wò nílé, mo rí i pé ibi mẹ́ta ni kò bá ohun tí a jọ kọ mu. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì, mo sì fi tépù wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí mo bá nìyí:

Àyà: a sọ pé kó jẹ́ íǹṣì 44 lẹ́yìn rírán, 42 ni mo bá.
Èjìká: a kọ 16, 18 ni mo bá.
Gígùn: a kọ 56, 54 ni mo bá.

Gígùn apá pé 18 bí a ṣe kọ ọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gé e kù, nítorí ó máa gòkè bí èjìká bá ti wọlé.

Mo wo inú rẹ̀, ó jọ pé aṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣì tó láti tú síta. Mo bẹ̀ yín, bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ bá mi tú ẹ̀gbẹ́ méjèèjì kí àyà lè pé 44, kí ẹ mú èjìká wọlé ní íǹṣì kan lọ́tùn-ún àti íǹṣì kan lósì, kí ẹ sì tú ìṣẹ́tí ìsàlẹ̀, kí ẹ fi àǹkárá tó ṣẹ́kù gbè é láti inú. Bí gígùn bá dín díẹ̀ sí 56 lẹ́yìn rẹ̀, kò burú. Bí ẹ bá sì rí ọ̀nà mìíràn tó dára ju èyí lọ, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pè mí kí ẹ tó fi síísọ̀ kàn án.

Mi ò tíì fọ̀ ọ́, mi ò sì tíì wọ̀ ọ́ jáde. Ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ 14, ni ìnáwó wa. Ṣé mo lè wá wọ̀ ọ́ wò lọ́dọ̀ yín ní ọjọ́ Wẹ́sidé, ọjọ́ 11? Owó tó kù lọ́wọ́ mi wà nílẹ̀, mo máa mú un dání wá.

Mo ti fi fọ́tò ojú ìwé ìwọ̀n náà ránṣẹ́ sórí fóònù yín. Ẹ ṣé púpọ̀. Ọlọ́run á máa fún yín lókun.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gàn kankan kò sí níbẹ̀, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ò sì ní béèrè pé, "Díẹ̀ báwo?" Ẹ tún ṣàkíyèsí pé Ìyá Ìbejì kò kọ ohun tó rò nípa ẹni tó gé aṣọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nọ́ḿbà ti tú àṣírí rẹ̀. Mo fara mọ́ èyí gidigidi. Ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù, ọmọ kékeré tí òbí rẹ̀ mú wá kọ́ṣẹ́ ni ìbínú ọ̀gá máa bọ́ lé lórí, ó sì lè má jẹ́ ọmọ náà ló gé e. Nígbà tí ọ̀gá bá gbé ìwé rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́tà, òun fúnra rẹ̀ á rí i pé 18 ti bọ́ sí ibi 16, kò nílò kí oníbàárà fi ìka tọ́ ọ sí i.

Ìyìn tó wà níbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ dídùn lásán. Ó ń sọ fún télọ̀ ibi tí kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn. Bí ọrùn bá jókòó, tí síìpù kò sì wú, kò sí ìdí láti tú ẹ̀yìn aṣọ. Ẹgbẹ́ nìkan ni wọ́n máa tú. Ìyìn irọ́ ò wúlò fún ẹnikẹ́ni, nítorí náà, bí kò bá sí ohun tó dára nínú iṣẹ́ náà, ẹ kí i kú iṣẹ́, kí ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀.

Ní ti ìṣirò, èyí rọrùn ju bó ṣe ń dẹ́rù bani lọ. Íǹṣì 2 ni àyà fi dín. Gáùn ní ẹ̀gbẹ́ méjì, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní etí aṣọ méjì, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, ìyẹn etí mẹ́rin. Bí wọ́n bá tú ààbọ̀ íǹṣì síta ní etí kọ̀ọ̀kan, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jẹ́ íǹṣì 2. Nítorí pé íǹṣì kan wà nínú tẹ́lẹ̀, ààbọ̀ íǹṣì á ṣì ṣẹ́kù lẹ́yìn ojú ìrán tuntun, kò sì ní tètè já. Ká ní ààbọ̀ íǹṣì péré ni wọ́n fi sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bẹ̀ yẹn kò bá má ṣeé ṣe, nítorí ojú ìrán á wá wà létí aṣọ gan-an. Ohun tó sì ń fa èyí jù ni maṣíìnì tí wọ́n fi ń wíìfù etí aṣọ kó má bàa tú. Ó ní ọ̀bẹ kékeré nínú tó ń gé etí aṣọ bó ṣe ń rán an lọ, ọmọṣẹ́ tí kò bá sì fara balẹ̀ lè fi í gé gbogbo ohun tó yẹ kó kù nínú sọnù.

Ìdí mìíràn tún wà tí ó fi dára kí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú lẹ́tà kan. Láti mú èjìká wọlé, wọ́n ní láti tú apá kúrò lára aṣọ. Láti tú ẹ̀gbẹ́ síta, ojú ìrán yẹn gba abẹ́ abíyá kọjá wọ inú apá. Bí ihò apá bá ti tóbi sí i, wọ́n ní láti tú abẹ́ apá náà díẹ̀, kó lè dọ́gba pẹ̀lú ihò tó máa wọ̀. Nítorí náà, apá ni wọ́n á kọ́kọ́ tú, lẹ́yìn náà ẹ̀gbẹ́ àti èjìká, kí wọ́n tó wá rán apá padà. Oníbàárà tó bá mú àròyé èjìká wá lónìí, tó tún mú ti àyà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, á mú kí wọ́n tú apá kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ihò abẹ́rẹ́ á pọ̀, aṣọ á sì rẹ̀.

Ibi ìṣẹ́tí ni Ìyá Ìbejì ti yááfì díẹ̀. Íǹṣì 2 ló wà nínú, íǹṣì 2 náà ló fi kúrú. Bí wọ́n bá tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, kò ní sí ohun tí wọ́n máa ṣẹ́ sínú mọ́. Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí wọ́n gé àǹkárá tó ṣẹ́kù ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí wọ́n rán an mọ́ etí ìsàlẹ̀, kí wọ́n ká a sínú, kó lè dúró bí ìṣẹ́tí. Ìrán yẹn á jẹ nǹkan díẹ̀ nínú gígùn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sọ ọ́ sínú lẹ́tà kí télọ̀ má bàa rò pé òun tún máa bínú. Èyí ló mú kí n máa gba oníbàárà níyànjú pé kí wọ́n béèrè aṣọ tó ṣẹ́kù lọ́jọ́ tí wọ́n bá gba aṣọ, kódà bó jẹ́ àjákù tó kéré. Bí télọ̀ bá ti fi rán fìlà ọmọ tàbí tó ti dà á nù, àtúnṣe gígùn di ìṣòro.

Kì í ṣe gbogbo aṣọ ló máa gbà. Àṣìṣe tó mú aṣọ tóbi jù sàn ju èyí tó mú un kéré lọ. Èjìká tó fẹ̀ ṣeé gé wọlé, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ti gé kéré jù kò ní ibi tí a ti lè fà á jáde, àfi kí wọ́n fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́, ó sì máa hàn. Bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyìí, ẹ má kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n fẹ èjìká. Ẹ béèrè bóyá wọ́n lè tún iwájú àti ẹ̀yìn gé pẹ̀lú aṣọ tuntun, kí ẹ sì bá télọ̀ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó máa ra aṣọ náà. Sátíìnì máa ń fi ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ hàn lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u síta. Fẹ́lífẹ́ẹ̀tì náà máa ń ní ilà níbi tí ìrán ti wà tẹ́lẹ̀, áyọ́ọ̀nù kò sì lè pa á rẹ́. Léèsì tí wọ́n fi aṣọ gbè nínú jẹ́ aṣọ méjì, nítorí náà wọ́n ní láti tú ti inú àti ti òde ní ìwọ̀n kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ti inú á máa fa ti òde. Aṣọ òkè ló rọrùn jù nínú wọn. Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ti hun ún, tí wọ́n sì so wọ́n pọ̀, nítorí náà, bí agbádá bá kéré ní ẹ̀gbẹ́, wọ́n lè fi tẹ́ẹ́rẹ́ kan kún un láì jẹ́ pé ojú rí i, bí ẹ bá ṣáà ti ní ìyókù rẹ̀ nílé.

Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ìwọ̀n ránṣẹ́ sí télọ̀ nílé ní ìṣòro tiwọn. Wọ́n lè wọn ara wọn ní sẹ̀ǹtímítà, kí télọ̀ sì kà á ní íǹṣì. Sẹ̀ǹtímítà 107 ló ń lọ bí íǹṣì 42. Nítorí pé owó ìfiránṣẹ́ lè ju owó ìránṣọ lọ, lẹ́tà wọn kò lè jẹ́ kí aṣọ padà wá. Ó lè béèrè pé kí télọ̀ fi aṣọ tó ṣẹ́kù ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹni tó ń bọ̀, kó sì san díẹ̀ lára owó tí wọ́n máa fi tún un ṣe níbẹ̀, nígbà tí àwọn nọ́ḿbà bá fi hàn pé ọwọ́ rẹ̀ ni àṣìṣe ti wá.

Bí télọ̀ bá kọ̀ ńkọ́? Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dá lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, ti ọdún 2018, fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti ní kí oníṣẹ́ tún àbùkù iṣẹ́ rẹ̀ ṣe, tàbí kó dá díẹ̀ padà nínú owó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ náà ṣe kùnà tó. Mi ò ní kọ òfin yìí sínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Ẹni tí ẹ bá fi òfin bẹ̀rẹ̀ á gbá aṣọ yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á máa ro bó ṣe máa gba ara rẹ̀ sílẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá láì sí èsì, ẹ kọ èkejì tó kúrú, kí ẹ fi ẹ̀dà ti àkọ́kọ́ há a. Àwọn télọ̀ àdúgbò sábà máa ń ní ẹgbẹ́, ẹgbẹ́ sì ní alága. Alága tó bá rí lẹ́tà tó ní nọ́ḿbà, fọ́tò ojú ìwé àti aṣọ tí a kò tíì wọ̀ jáde lè dá ọ̀rọ̀ náà lójú ẹsẹ̀, kò nílò ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kí ẹ wá gbà á, ẹ má kàn wọ̀ ọ́ kí ẹ máa yọ̀. Ẹ ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí wọ́n ti ń gé aṣọ, kí ẹ fi tépù tiwọn wọn ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níwájú ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ẹ wọ̀ ọ́, ẹ jókòó, ẹ gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, nítorí abẹ́ abíyá ni ojú ìrán tuntun ti kọ́kọ́ ń já. Bí ó bá ti dára, ẹ san owó tó kù, kí ẹ wá ní kí ọ̀gá ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú ewé yín. Níbi tó kọ "Àyà 42" sí, kó fi bírò kọ "ara" sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kó sì kọ "44 lẹ́yìn rírán" sábẹ́ rẹ̀. Kó fi ilà gígùn kan pín èjìká àti apá níyà. Ojú ewé yẹn ni ọmọṣẹ́ máa ṣí nígbà tí ẹ bá tún gbé aṣọ wá.